Ta Ló Gbọ́dọ̀ Kọ́kọ́ Gbọ́ Bí Onípìn-ín Kan Bá Fẹ́ Tà? Àlàyé Lórí Ẹ̀tọ́ Àkọ́rà, Ẹ̀tọ́ Àjùmọ̀tà àti Ẹ̀tọ́ Àfàmọ́tà

Bí ènìyàn bá rìn láti Òkè Bọ́lá lọ sí Òkè Àdó, kò ní pẹ́ kí ó tó kan ilé-iṣẹ́ tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta jọ dá sílẹ̀: ilé ìtẹ̀wé, ilé búrẹ́dì, ilé ìwòsàn àdáni, ilé ìtajà oògùn. Púpọ̀ nínú wọn ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Tó Ń Forúkọ Ilé-iṣẹ́ Sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Síéésì. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n ní òǹtẹ̀, olúkúlùkù sì mọ iye ìpín tí òun ní. Ohun tí wọn kì í sábà ní ni ìwé tó sọ bí yóò ti rí ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ta ìpín tirẹ̀ kí ó sì máa lọ.

Ìwé náà ni à ń pè ní àdéhùn àwọn onípìn-ín. Ẹ̀tọ́ mẹ́ta inú rẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. Èkíní ni ẹ̀tọ́ àkọ́rà, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní pírí-ẹ́mṣọ̀n: ẹni tó bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìpín náà lọ àwọn tí wọ́n jọ ni ilé-iṣẹ́ kí ó tó fi lọ ará ìta. Èkejì ni ẹ̀tọ́ àjùmọ̀tà, tí wọ́n ń pè ní tágì-àlọ́ǹgì: bí ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ jù bá ń tà, àwọn onípìn-ín kékeré lè ní kí oníbàárà náà ra tiwọn pẹ̀lú, ní iye kan náà. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ àfàmọ́tà, ìyẹn drágì-àlọ́ǹgì: bí àwọn tí ìpín wọn pọ̀ bá rí ẹni tí yóò ra gbogbo ilé-iṣẹ́, wọ́n lè fa àwọn kékeré mọ́ra kí gbogbo wọn jọ tà, bí àwọn kékeré tilẹ̀ kọ̀.

Èrò ẹ̀tọ́ àkọ́rà kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ ilé kan kò lè dá nìkan ta ilẹ̀ ẹbí fún àlejò. Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ wa ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà náà, òfo ni. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé bákan náà ni ilé-iṣẹ́ tí àwọn ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ jọ dá sílẹ̀ yóò rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpín inú ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí, ohun ìní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ni. Bí ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ tàbí àdéhùn kò bá dè é lọ́wọ́, ó lè tà á fún ẹni tó bá wù ú.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ilé ìtẹ̀wé kan ní Òkè Bọ́lá tí ìpín rẹ̀ jẹ́ 100,000. Àwọn mẹ́ta ló ni ín. Ìyá Onílé, tó fi ilé àti owó ẹ̀rọ àkọ́kọ́ sílẹ̀, ní 60,000. Ọ̀gá Atẹ̀wé, tó mọ iṣẹ́ náà tó sì ń darí rẹ̀ lójoojúmọ́, ní 25,000. Nọ́ọ̀sì kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ àbúrò Ìyá, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé nígbà tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ní 15,000. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n irú wọn kò jìnnà sí wa.

Ẹ̀tọ́ àkọ́rà àti ohun tó wà nínú ìwé ìkéde

Nọ́ọ̀sì fẹ́ kọ́lé, ó sì fẹ́ ta gbogbo ìpín rẹ̀. Oníṣòwò bébà kan ní Ọjà'ba sọ pé òun yóò san ₦400 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,000,000. Bí ẹ̀tọ́ àkọ́rà bá wà nínú àdéhùn, Nọ́ọ̀sì kò ní tíì gba owó oníṣòwò náà. Yóò kọ́kọ́ fi ìwé ìkéde ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àti sí àwọn méjì yòókù. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ iye ìpín tó fẹ́ tà, iye owó, orúkọ ẹni tó fẹ́ rà á, àti bóyá owó náà yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tàbí díẹ̀díẹ̀. Àdéhùn a máa fún àwọn tó kù ní iye ọjọ́ kan láti dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọjọ́ 30 ni tiwọn.

Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ rà, wọn yóò pín in gẹ́gẹ́ bí ìpín olúkúlùkù wọn ti tó síra. 60 àti 25 jẹ́ 85, nítorí náà Ìyá Onílé lè ra 10,588 nínú 15,000 yẹn, Ọ̀gá Atẹ̀wé lè ra 4,412. Owó tí Ọ̀gá yóò san jẹ́ ₦1,764,800. Bí kò bá ní in láàárín ọjọ́ 30, ó yẹ kí àdéhùn sọ pé Ìyá lè ra ìyókù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rà, Nọ́ọ̀sì di òmìnira láti tà fún oníṣòwò bébà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tà á ní iye tó kéré sí ₦400, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju àkókò tí wọ́n dá fún un lọ. Bí owó náà bá lọ sílẹ̀ sí ₦300, ó di dandan kí ó padà wá kéde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí kò lè rà á ní ₦400 lè rà á ní ₦300.

Àwọn tí ẹ̀tọ́ yìí ń dáàbò bò ni àwọn tó kù nínú ilé. Ó ń jẹ́ kí wọ́n yan ẹni tí wọn yóò máa bá jókòó ní ìpàdé, kò sì jẹ́ kí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dìbò yí padà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà ló ń ru ẹrù rẹ̀. Ará ìta kì í fẹ́ lo àkókò láti dá iye owó lé ohun tí ẹlòmíràn lè gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn náà. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni a kò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ọjọ́ 90 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i.

Ọgbọ́n àrékérekè kan wà tó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò lè jọ kọ ₦600 sínú ìwé kí ẹ̀rù lè ba àwọn ará ilé, kí wọ́n sì san ₦400 ní kọ̀rọ̀. A máa ń mọ̀ ọ́n nípa pé iye tí wọ́n kéde kò bá èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pa mu rárá, tàbí nípa pé oníbàárà náà kò fẹ́ fi ìwé ìfilọ̀ rẹ̀ hàn. Ohun tí àdéhùn tó dára ń sọ ni pé kí ìwé tí oníbàárà fọwọ́ sí wà lára ìkéde, kí àwọn tó kù sì lè ní kí oníṣirò owó tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni díyelé ìpín náà bí iye náà bá rú wọn lójú.

Nǹkan mìíràn tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé ni ikú. Ká ní Ọ̀gá Atẹ̀wé kú, ó fi ìyàwó méjì àti ọmọ méje sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín ogún, 12,500 yóò lọ sí ìdí kọ̀ọ̀kan, ilé ìtẹ̀wé tí ẹni mẹ́ta ni yóò sì wá ní onípìn-ín mẹ́sàn-án. Ṣé ikú náà jẹ́ títà tí ẹ̀tọ́ àkọ́rà lè mú? Bí àdéhùn bá dákẹ́, ìjà ni yóò dá a lóhùn. Ó yẹ kí ó sọ gbangba bóyá àwọn àrólé yóò jókòó gẹ́gẹ́ bí onípìn-ín, tàbí àwọn tó kù yóò rà wọ́n jáde ní iye tí oníṣirò owó bá dá. Fífi ìpín ta ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lọ́rẹ náà gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn tirẹ̀.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ìpín tuntun tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ jáde. Ìyẹn ní ààbò tirẹ̀ nínú abala 142 Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìpín tuntun lọ àwọn tó ti wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpín wọn ti tó. Láìsí i, Ìyá Onílé lè jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tẹ 100,000 ìpín tuntun fún ọmọ rẹ̀, ìdá 15 nínú 100 tí Nọ́ọ̀sì ní yóò sì di ìdá 7.5 láìjẹ́ pé ó ta ẹyọ kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ fóònù

Ẹjọ́ tó lókìkí jù lórí ẹ̀tọ́ àkọ́rà ní ilẹ̀ wa wà lára ilé-iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka èyí ń lo fóònù rẹ̀. Ní ọdún 2001, Ẹ́kónẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn tó gba ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 285 dọ́là. Àwọn oníṣòwò, àwọn ilé owó àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bíi Èkó, Dẹ́lítà àti Ákwá Íbọ̀m ló jọ dá owó náà jọ. Ẹ́kónẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tí Síráìfì Másíyíwà ti orílẹ̀-èdè Sìmbábúwè dá sílẹ̀, ló mú orúkọ àti ìmọ̀ iṣẹ́ wá, ṣùgbọ́n ìdá 5 péré nínú 100 ló ní nínú ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà náà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2002, àwọn onípìn-ín fọwọ́ sí àdéhùn tí ẹ̀tọ́ àkọ́rà wà nínú rẹ̀. Àárín wọn kò gún mọ́ lẹ́yìn náà, a sì gba ìṣàkóso lọ́wọ́ Ẹ́kónẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ náà di Fíí-Móbáìlì. Ní ọdún 2006, Sẹ́ltẹ́ẹ̀lì ra ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀, nǹkan bí ìdá 65 nínú 100, ní owó tó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ́kónẹ́ẹ̀tì ké gbàjarè pé wọn kò fi ìpín náà lọ òun bí àdéhùn ti wí. Bí ẹjọ́ náà ti ń lọ, orúkọ ilé-iṣẹ́ ń yí padà: ó di Zéénì ní ọdún 2008, ó sì di Airtel ní ọdún 2010, èyí tí a ń rí lójú fóònù títí di òní.

Ìpẹ̀kun ọdún 2011 ni ìgbìmọ̀ onílàjà tó gbọ́ ẹjọ́ náà tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní lóòótọ́ ni àwọn tó tà ní ọdún 2006 rú àdéhùn ọdún 2002. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹ́kónẹ́ẹ̀tì ní kí wọ́n yí títà náà padà, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ iye owó ìtanràn ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ tún sọ pé ìdá 5 tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Ẹ́kónẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìdájọ́ àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ jàre, síbẹ̀ kò rí ohun tí ẹ̀tọ́ náà ṣèlérí, ìyẹn ìpín náà gan-an. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ilé-iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n ti náwó sí i, wọ́n ti tún un tà. Kò rọrùn fún adájọ́ láti tú irú ìdì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fo ẹ̀tọ́ àkọ́rà rẹ̀ dá gbọ́dọ̀ tètè lọ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ tí yóò dá títà náà dúró kí wọ́n tó kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn onípìn-ín. Lẹ́yìn èyí, owó ìtanràn ni ó sábà máa ń kù.

Ẹ̀kọ́ kejì kò hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ìdá 5 tó sì fẹ́ lo ẹ̀tọ́ àkọ́rà lórí ìdá 65 gbọ́dọ̀ rí owó ńláńlá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bákan náà ni Nọ́ọ̀sì wa: bí Ìyá Onílé bá fẹ́ ta 60,000, ibo ni yóò ti rí owó rẹ̀? Ẹ̀tọ́ àkọ́rà wúlò fún ẹni tó lówó lọ́wọ́. Fún onípìn-ín kékeré, ààbò tó lágbára jù ni èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀tọ́ àjùmọ̀tà

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti Èkó fẹ́ ra 60,000 ti Ìyá Onílé ní ₦500, èyí tí í ṣe ₦30,000,000. Bí ó bá tà, Ọ̀gá àti Nọ́ọ̀sì yóò bá ara wọn lábẹ́ àlejò tó lè yan àwọn olùdarí, tó lè dá èrè dúró láìpín, tó sì lè lé Ọ̀gá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni yóò ra ìpín wọn ní ₦500 nígbà náà? Ó ṣòro kí wọ́n rí ẹnikẹ́ni. Iye tí àlejò náà ń san kì í ṣe ti ìpín nìkan, ti àṣẹ tó wà lórí ilé-iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àṣẹ náà kò sì sí lọ́wọ́ àwọn méjì yìí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà kọ ẹ̀tọ́ àjùmọ̀tà, ìyàtọ̀ wọn sì tóbi ju bí ojú ti ń rí i lọ. Ọ̀nà kìn-ín-ní sọ pé bí Ìyá bá ń ta àṣẹ ilé-iṣẹ́, oníbàárà gbọ́dọ̀ fi ìlérí ra gbogbo ìpín tó kù ní iye kan náà, tí í ṣe ₦50,000,000 fún gbogbo 100,000. Ọ̀nà kejì sọ pé bí oníbàárà bá ti fẹ́ 60,000 nìkan, kí gbogbo wọn jọ pín àyè náà. Olúkúlùkù yóò ta ìdá 60 nínú 100 ti tirẹ̀: Ìyá 36,000, Ọ̀gá 15,000, Nọ́ọ̀sì 9,000. Ní ọ̀nà kejì yìí Nọ́ọ̀sì gba owó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ku 6,000 sí i lọ́wọ́ lábẹ́ ọ̀gá tuntun. Bí ẹ bá jẹ́ onípìn-ín kékeré, ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí ẹ béèrè fún nígbà tó bá kan títa àṣẹ.

Òfin ọdún 2020 kò fi àwọn kékeré sílẹ̀ pátápátá. Abala 22 fàyè gba ilé-iṣẹ́ àdáni láti kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà rẹ̀ pé onípìn-ín kò gbọdọ̀ tà fún ará ìta láìkọ́kọ́ fi lọ àwọn tó wà nínú ilé. Ó tún fàyè gbà á láti kọ pé ẹnikẹ́ni, tàbí àwọn tó bá pawọ́ pọ̀, kò gbọdọ̀ ta ohun tó ju ìdajì ìpín lọ fún ará ìta àfi bí ará ìta náà bá fi lọ gbogbo onípìn-ín pé òun yóò ra tiwọn ní ìlànà kan náà. Ẹ̀tọ́ àkọ́rà àti àjùmọ̀tà nìyẹn, wọ́n kàn wọ aṣọ òfin ni. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìwé ìlànà tiyín wò kí ẹ rí i bóyá ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìwé tí wọ́n rí lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí, wọn kò kà á.

Ohun tó máa ń ba ẹ̀tọ́ yìí jẹ́ ni owó ẹ̀gbẹ́. Oníbàárà àti Ìyá lè jọ sọ pé iye ìpín jẹ́ ₦300, tí í ṣe ₦18,000,000 fún 60,000, kí oníbàárà sì tún san ₦12,000,000 fún Ìyá gẹ́gẹ́ bí owó olùdámọ̀ràn. ₦30,000,000 náà pé sí Ìyá lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ bá wọn tà yóò gba ₦4,500,000 dípò ₦7,500,000. Gbólóhùn tó ń dí ihò yìí kò gùn: gbogbo owó àti ohun rere tí ẹni tó ń tà tàbí ẹbí rẹ̀ bá gbà nítorí títà náà, lábẹ́ orúkọ yòówù kí ó jẹ́, ni a óò kà mọ́ iye ìpín.

Ẹ̀tọ́ àfàmọ́tà

Títí dé ibi tí a dé yìí, bí ẹni pé onípìn-ín ńlá nìkan ni a ń ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Oníbàárà kan dé, ó fẹ́ ra gbogbo ilé ìtẹ̀wé ní ₦700 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ₦70,000,000 lápapọ̀, ó sì ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́kù. Ìyá àti Ọ̀gá gbà. Nọ́ọ̀sì ní àfi bí wọ́n bá san ₦1,500 fún òun, tàbí kò tilẹ̀ dáhùn ìwé. Láìsí ẹ̀tọ́ àfàmọ́tà, ẹni tó ní ìdá 15 lè mú ìdá 85 ní ìgbèkùn. Òfin ní ọ̀nà tí oníbàárà fi lè gba ìpín àwọn tó kọ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí àwọn tó ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìpín tó ń rà bá gbà. 85 kò dé ibẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù ni iye tí àwọn tó fẹ́ fa ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní. Ká ní àdéhùn sọ pé àwọn tí ìpín wọn «kò dín ní ìdá 60» lè ṣe é. Ìyá ní ìdá 60 gééré, nítorí náà òun nìkan lè ta Ọ̀gá àti Nọ́ọ̀sì mọ́ ti ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ «ó lé ní ìdá 60», kò lè dá a ṣe. Bí wọ́n bá kọ ìdá 75, ó gbọ́dọ̀ ní ẹlòmíràn lẹ́yìn, 60 àti 15 ti Nọ́ọ̀sì sì jẹ́ 75: bí ó bá jẹ́ «kò dín ní», Ìyá àti Nọ́ọ̀sì náà lè fa Ọ̀gá, bí ó bá jẹ́ «ó lé ní», wọn kò lè fà á. Ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀ náà.

Ẹ̀tọ́ yìí le, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ìjánu. Kí iye owó àti ọ̀nà ìsanwó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, kí Ìyá má gba owó nígbà tí Nọ́ọ̀sì ń gba ìlérí. Kí iye kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ fà á tà nísàlẹ̀ rẹ̀, tàbí kí oníṣirò owó sọ pé iye náà tọ́. Kí oníbàárà má ṣe jẹ́ ọmọ, ọkọ tàbí ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ẹni tó ń fà. Oníbàárà sì máa ń ní kí àwọn tó ń tà ṣe onídùúró pé ilé-iṣẹ́ kò jẹ gbèsè owó orí tàbí ẹjọ́ tó fara sin. Ọ̀gá, tó ń darí iṣẹ́, lè ṣe irú ìdúró yẹn. Nọ́ọ̀sì tí kò jókòó ní ọ́fíìsì rí kò yẹ kó ṣe ju pé òun ló ni ìpín òun lọ, kò sì yẹ kí gbèsè tó lè bọ́ sí i lọ́rùn ju ₦10,500,000 tí yóò gbà lọ.

Nítorí pé ẹni tí a ń fà lè kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, àdéhùn a máa fún olùdarí kan láṣẹ láti fọwọ́ sí i ní orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ pamọ́ sínú àpò lọ́tọ̀ títí yóò fi wá gbà á. Àwa rò pé agbẹjọ́rò tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn ló yẹ kí owó náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó tún yẹ kí àdéhùn sọ èwo nínú àwọn ẹ̀tọ́ yìí ló ń ṣíwájú. Bí Ìyá àti Ọ̀gá bá fẹ́ fa Nọ́ọ̀sì, tí Nọ́ọ̀sì náà dáhùn pé, «Ẹ kọ́kọ́ fi tiyín lọ̀ mí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ àkọ́rà», kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Àwọn kan máa ń kọ pé ẹ̀tọ́ àkọ́rà dákẹ́ bí ìkéde àfàmọ́tà bá ti jáde. Àwọn mìíràn a fún ẹni tí a ń fà ní ọjọ́ díẹ̀ láti ra gbogbo ilé-iṣẹ́ ní iye kan náà bí ó bá lágbára rẹ̀. Ti kejì yìí dà bí èyí tó tọ́ jù lójú wa, bí ọjọ́ náà kò bá ti pọ̀.

Ibi tó yẹ kí a kọ wọ́n sí

Àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn nìkan ló dè. Bí Nọ́ọ̀sì bá ta ìpín rẹ̀ fún oníṣòwò bébà, oníṣòwò kò sí lábẹ́ rẹ̀ àfi bí ó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun náà wọ inú àdéhùn. Kí àwọn olùdarí má ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ ní tirẹ̀, èyí tó wà lọ́dọ̀ Síéésì, de ilé-iṣẹ́ àti gbogbo onípìn-ín, ti òní àti ti ọ̀la. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò lè yí i padà. Ìyá àti Ọ̀gá, tí wọ́n jọ ní 85, lè pa ẹ̀tọ́ àjùmọ̀tà rẹ́ kúrò nínú ìwé ìlànà ní ìpàdé kan ṣoṣo. Wọn kò lè pa á rẹ́ kúrò nínú àdéhùn tí Nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí láìjẹ́ pé òun náà gbà, àfi bí àdéhùn náà fúnra rẹ̀ bá fàyè gbà á. Nítorí èyí ni a fi ń kọ ọ́ sí ibi méjèèjì. Kí ẹ sì san owó òǹtẹ̀ ìjọba lórí àdéhùn náà, nítorí ilé-ẹjọ́ lè kọ̀ láti gba ìwé tí kò ní in gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì, tó dà bí ohun kékeré. Ọjọ́ 30 tí a ti ń sọ láti òkè wá gbọ́dọ̀ ní ìgbà tí kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí àdéhùn bá sọ pé láti ọjọ́ tí a bá ju ìwé sí àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni, tí àdírẹ́sì Nọ́ọ̀sì sì jẹ́ ti ilé tó ń gbé ní Òkè Bọ́lá kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè parí kí ó tó gbọ́. Kí ó kọ àdírẹ́sì tuntun àti ímeèlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, kí ó sì gba ìwé pé wọ́n ti rí i gbà.